Òdo Tó Yẹ Kó Wà Lókè Ìwé Ìnáwó Yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta ló gbé ìwé ìnáwó Excel wá bá mi, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì rò: ṣáàtì wọn ò bá owó tó jáde lápò wọn mu. Ọ̀kan ní fáírọ́ọ̀sì ni. Èkejì ti yọ Excel kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì tún un gbé padà, nítorí ẹnì kan sọ fún un pé Excel máa ń gbàgbé ìṣirò tó bá ti pẹ́ lórí ẹ̀rọ. Irọ́ gbáà ni. Àkọsílẹ̀ owó niṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń fi Excel ṣe é. N kò tíì rí ọjọ́ tí fọ́múlà tí a kọ dáadáa ṣe àṣìṣe. Ohun tí mo ń rí ni èèyàn tó kó ohun tí kì í ṣe ọjọ́ sínú òpó ọjọ́, tí fọ́múlà sì fò ó dá láìsọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò le. Ṣíìtì mẹ́ta ti tó: ọ̀kan fún àkọsílẹ̀, ọ̀kan fún àkójọ irú ìnáwó, ọ̀kan fún àròpọ̀ oṣooṣù. Lórí ṣíìtì àkọsílẹ̀, ẹ kọ òpó mẹ́rin: Ojo, Iru, Alaye, Iye. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fàmì sí wọn lórí ni, torí pé orúkọ wọ̀nyí máa wọ inú fọ́múlà, ẹni tó bá sì fàmì sí i lónìí tó gbàgbé rẹ̀ lọ́la ti dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ tẹ `Ctrl+T` kí ó di tébù, kí ẹ sì sọ ọ́ ní `Inawo` nínú `Table Name`. Bó bá ti di tébù, ìlà tuntun tí ẹ bá kọ sísàlẹ̀ á wọnú rẹ̀ fúnra rẹ̀, fọ́múlà á sì rí i.

Ní ti irú ìnáwó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni máa tẹ̀ ẹ́. Ká ní irú méje lẹ ní, ẹ kọ wọ́n sí A2 dé A8 lórí ṣíìtì kejì, tí ẹ sọ ní `Akojo`, kí ẹ sọ ọ́ di tébù òun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yan òpó Iru, ẹ lọ sí `Data`, `Data Validation`, ẹ mú `List`, kí ẹ sì kọ èyí sí `Source`:

```
=Akojo!$A$2:$A$8
```

Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tó bá tẹ "Onje" dípò "Oúnjẹ" á rí ìkìlọ̀, Excel ò sì ní gbà á wọlé. Ẹ fi `Error Alert` sílẹ̀ sórí `Stop`. Àwọn kan máa ń yí i sí `Warning` kí ó má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ìdílọ́wọ́ yẹn gan-an la tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ṣíìtì kẹta ni ti àròpọ̀. Ẹ fi A4 sílẹ̀ lófìfo. Ní B4, ẹ kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, kí ẹ kọ `=EDATE(B4,1)` sí C4, kí ẹ kọ́pì ìyẹn dé M4, kí ẹ sì fún gbogbo ìlà náà ní ìrísí `mmm yyyy`. Irú ìnáwó méjèèje wà láti A5 dé A11. B5 ló gba fọ́múlà:

```
=SUMIFS(Inawo[Iye],Inawo[Iru],$A5,Inawo[Ojo],">="&B$4,Inawo[Ojo],"<"&EDATE(B$4,1))
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ro gbogbo iye tí irú rẹ̀ bá A5 mu, tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sáàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́pì rẹ̀, kí ẹ sì pẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí gbogbo B5 dé M11. Ẹ má fi máọ̀sì fà á lọ sápá ọ̀tún! Bí ẹ bá fà á, orúkọ òpó tébù á máa sún pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí ẹ ti ní `Inawo[Iye]`, ní sẹ́ẹ̀lì kejì á ti di òpó mìíràn, èsì á sì di ìranù. Kọ́pì àti pẹ́ẹ̀sì kì í sún un. Ní B12, ẹ ro òpó náà pọ̀ pẹ̀lú `=SUM(B5:B11)`, kí ẹ kọ́pì ìyẹn náà dé M12.

Fún ṣáàtì, ẹ yan A4 dé M4, ẹ di `Ctrl` mú, ẹ tún yan A12 dé M12, ẹ lọ sí `Insert`, kí ẹ mú `Clustered Column`. Ó tán. Àwọn tó ń to àwọ̀ mẹ́tàlá pọ̀, tí wọ́n ń sọ ṣáàtì di aṣọ ẹ̀yẹ, ọ̀ràn tiwọn nìyẹn.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú kálàmù nìyí o: sẹ́ẹ̀lì méjì tó máa wà lókè ṣíìtì àròpọ̀, tí gbogbo èèyàn ń fò dá. B1 ń yọ àròpọ̀ ṣíìtì yìí kúrò nínú àròpọ̀ gbogbo tébù. B2 ń ka ìlà tí iye wọn kì í ṣe nọ́ńbà.

```
=ROUND(SUM(Inawo[Iye])-SUM(B5:M11),2)
=ROWS(Inawo[Iye])-COUNT(Inawo[Iye])
```

Òdo ló gbọ́dọ̀ máa wà nínú àwọn méjèèjì nígbà gbogbo. Bí B1 bá ti kọjá òdo, owó kan wà nínú àkọsílẹ̀ yín tí kò dé inú oṣù kankan: bóyá irú rẹ̀ ò sí nínú àkójọ, bóyá àlàfo kan lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà nídìí, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ò tọ̀nà. Bí B2 bá jẹ́ 1, ìlà kan wà tí ẹnì kan ti kọ iye rẹ̀ bí ọ̀rọ̀, `SUM` ò sì ní kà á rárá. Láìsí òdo méjì yìí, n kì í wo ṣáàtì ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan tí mo kọ́ ní iṣẹ́ yìí padà wá bá mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ìnáwó mi ti já wálẹ̀." Lóòótọ́, oṣù kìíní sí ìkẹta ń lọ sí nǹkan bí 400,000 lóṣooṣù, àmọ́ oṣù kẹrin dúró sí 168,500. Nítorí èyí, ó ti ṣèlérí pé òun á máa san owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọjà kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì fọwọ́ sí ìwé.

Mo wo òkè. B1 ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo béèrè ibi tó wà. Ó ní ọmọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìnáwó tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ló bá òun tún fáìlì náà ṣe, ó ní nọ́ńbà tó wà lókè yẹn ò wúlò, ó kàn ń ba ojú ìwé jẹ́ ni, ó sì pa á rẹ́. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n Excel ló rí aago tó ń dún, tó wá já okùn rẹ̀! Mo tún B1 kọ. Ó mú 97,300 jáde.

Obìnrin náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ 20 sí 30 oṣù kẹrin bí mo ṣe kọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ oṣù: `20-Apr-2025`. Ọjọ́ 1 sí 19 ni ó kọ́pì láti inú àkọsílẹ̀ báńkì, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sì wà lórí ètò tó ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ 13 sí 19 ò lè jẹ́ oṣù, torí oṣù ò ju méjìlá lọ, nítorí náà Excel fi wọ́n sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, `SUMIFS` sì fò wọ́n. Àwọn ni 97,300 yẹn.

Èyí tó burú jù ni ọjọ́ 1 sí 12, torí Excel gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. `05/04/2025` di ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún. `12/04/2025` di ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Ọjọ́ kẹrin nìkan ló dúró síbi tó yẹ, torí pé bí ẹ bá yí 4 àti 4 padà, ibì kan náà ni. 146,200 fọ́n ká sínú oṣù mọ́kànlá bẹ́ẹ̀, B1 ò sì lè rí i, torí gbogbo wọn ṣì wà nínú ọdún. Àmì rẹ̀ wà lórí ṣáàtì, obìnrin náà sì ti ń wò ó tipẹ́: igi kéékèèké dúró ní oṣù kẹfà títí dé ìkejìlá, oṣù tí a ò tíì dé. Ó ní òun rò pé Excel ló ń sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ yékéyéké: nínú Excel, nọ́ńbà ni ọjọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni 1, ti ọdún 2025 sì ni 45658. Bí ẹ bá yí òpó ọjọ́ sí `General`, ọjọ́ gidi á di nọ́ńbà, ọjọ́ ayédèrú á dúró bó ṣe wà. Bí ẹ kò bá sì tíì tún ìtò òpó náà ṣe, ọjọ́ gidi máa ń fara ti ọ̀tún sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ á fara ti òsì. N kì í nílò gíláàsì kí n tó rí i.

A nu ìlà ọjọ́ 1 sí 19 kúrò. Ní ṣíìtì òfìfo, a kọ́kọ́ yí òpó ọjọ́ sí `Text` kí Excel má bàa dá sí i, a pẹ́ẹ̀sì ti báńkì sí i bí ọ̀rọ̀ lásán, a yan òpó náà, a lọ sí `Data`, `Text to Columns`, a tẹ `Next` lẹ́ẹ̀mejì, a yan `Date` pẹ̀lú `DMY`, a sì parí rẹ̀. Gbogbo wọn sún lọ sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn la tó kó wọn lọ sínú tébù pẹ̀lú `Paste Special`, `Values`, torí pé bí èèyàn bá kàn pẹ́ẹ̀sì sẹ́ẹ̀lì láti ibòmíràn lórí òpó Iru, àkójọ tí a ti ń yàn níbẹ̀ á pa rẹ́ láìṣe ìkìlọ̀ kankan.

B1 padà sí òdo. Igi oṣù kẹrin ga dé 412,000, igi oṣù kejìlá sì wọlẹ̀. Ó wo ṣáàtì náà fún ìgbà díẹ̀, ó mú fóònù rẹ̀, ó sì jáde síta láti lọ sọ fún àwọn tó ń ta ọjà náà pé òun ò fọwọ́ sí ìwé yẹn mọ́.