Ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ní dìsléksíà

Dìsléksíà jẹ́ ìṣòro ìwé kíkà tí ènìyàn ń bá dàgbà. Ó máa ń pẹ́ kí ọpọlọ tó so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró wọn, nítorí náà ìwé kíkà á máa falẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jọra á sì máa dàpọ̀ mọ́ra. Kò ní í ṣe pẹ̀lú àìlóye. Ní 1896, Dókítà Pringle Morgan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan tí kò lè kàwé dáadáa, tí olùkọ́ rẹ̀ sì sọ pé òun ni ì bá mọ̀wé jù ní ilé ìwé náà bó bá ṣe pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni.

Ìwé pọ̀ ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ibẹ̀ sì ni ìṣòro náà ti ń hàn. Ká ní orí ìwé kan lórí ìkùnà ọkàn, ìyẹn àìsàn tí ọkàn kì í fi í lè fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa mọ́, ní ọ̀rọ̀ 12,000. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ 240 ní ìṣẹ́jú kan á parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 50. Ẹni tó ń ka 120 á lo ìṣẹ́jú 100. Bí onítọ̀hún bá tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ti lọ. Kíkọ́ bí a ṣe ń sáré kàwé kò yanjú rẹ̀, torí bí eré bá ti ń pọ̀ ni òye ń dín kù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí á dín àkàtúnkà kù, kí á sì fi ìdánwò ara ẹni rọ́pò rẹ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fi hàn pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ẹ̀kọ́ kà ló rántí jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ló borí.

Ẹ jẹ́ ká mú orí ìkùnà ọkàn yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á kọ́kọ́ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo àkòrí, àwòrán àti tábìlì inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, á dáhùn ìbéèrè ìdánwò bíi mẹ́wàá lórí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì kà á. Ibi tó bá ti kùnà nìkan ni yóò kà ní àkàyé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè sí i létí bí ojú rẹ̀ ṣe ń tọ ìlà. Lẹ́yìn náà á pa ìwé dé, á sì ya àwòrán kan láti orí wá: bí apá òsì ọkàn bá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn kò ní lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀; bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn á yọ, ẹ̀dọ̀ á wú, ẹsẹ̀ á sì wú. Àwòrán kan yìí gba ipò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé.

Oògùn ló ṣòro jù, nítorí orúkọ tó jọra. Fúrósẹmáìdì ń mú kí aláìsàn tọ omi jáde, ó sì lè dín pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kù: èyí ni haipokalímíà. Spaironolákítóònù lè mú kó pọ̀ jù: èyí ni haipakalímíà. Ojú tó ń sáré lè ka ọ̀kan sí èkejì, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, kó pè é sókè, kó sì fi àwọ̀ kan kọ «haipo», kó fi òmíràn kọ «haipa». Káàdì ìbéèrè lórí áàpù bíi Anki á sì máa gbé e padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí ó tó gbàgbé.

Káàdì náà lè di ẹrù. Ẹni tó ń fi 20 tuntun kún un lójoojúmọ́ lè bá nǹkan bí 200 pàdé lójúmọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Káàdì tó bá sì ní ìpínrọ̀ gígùn ti sọ ara rẹ̀ di ìwé kíkà mìíràn. Kí káàdì kan bèèrè ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń kàwé náà ní àléébù: ó máa ń ṣi orúkọ oògùn pè, kò sì mọ bí a ṣe ń ka tábìlì. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ tí kò sì lè sọ ohun tó gbọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kò kẹ́kọ̀ọ́. Kó dá a dúró, kó sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

Nínú ìdánwò, tí ìtàn aláìsàn bá gùn, ó dára kí a ka ìlà tó gbé ìbéèrè gan-an ṣáájú, kí ojú lè mọ ohun tó ń wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìdọ́gba ti 2010 mú un ní dandan kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe àyípadà tó bójú mu, èyí tó wọ́pọ̀ jù sì ni àfikún àkókò ìdá 25 nínú 100: ìdánwò ìṣẹ́jú 120 á di 150. Ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ló yẹ kí a ti tọrọ rẹ̀.