Bí a ṣe ń yọ akọ àti abo kúrò nínú ìpolówó iṣẹ́

Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé "ó mọ iṣẹ́ rẹ̀", kò sí ibi tí a ti lè fi gbólóhùn yẹn mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Ó" gba méjèèjì, "rẹ̀" náà gba méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ìpolówó iṣẹ́ tí a bá ti kọ ní Yorùbá kò lè ṣojúsàájú. Ó lè ṣe é dáadáa. Ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fi arọ́pò orúkọ sọ, orúkọ iṣẹ́ ni Yorùbá fi ń sọ ọ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe ìwà àti ìrísí. Géndé, ọmọge, ìyá alásè, bàbá ọlọ́dẹ: ẹni tó bá gbọ́ wọn ti mọ ẹni tí wọ́n ń pè, ó sì ti mọ ẹni tí wọn kò pè.

Kí a mú irú ìwé tí ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Bódìjà, n'Íbàdàn, lè lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀:

"A ń wá géndé méjì àti ọmọge kan. Àwọn géndé yóò máa já ẹrù, wọ́n gbọ́dọ̀ lágbára bí akọ. Ọmọge náà yóò máa gbowó, yóò sì máa tọ́jú ṣọ́ọ̀bù. Kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 25 lọ, kó rẹwà, kó lọ́yàyà, kó má tíì lọ́kọ."

Ẹni tó kọ ọ́ kò ní ẹ̀tanú lọ́kàn, ó kàn kọ ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ni. Bí a óò ṣe tún un kọ ni pé kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a bi í léèrè pé iṣẹ́ wo ló ń bẹ̀ wá láti ṣe. Bó bá ní iṣẹ́ lábẹ́, iṣẹ́ náà la óò kọ sílẹ̀. Bí kò bá ní, kó máa lọ.

"Géndé" àti "lágbára bí akọ" ní iṣẹ́ lábẹ́. Àpò ìrẹsì tó wúwo tó 50 kìlógíráàmù ń dé lórí ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ilé ìkẹ́rù-sí. Ìyẹn gan-an ni kí a kọ: bí àpò ṣe wúwo tó, iye ìgbà tí ọkọ̀ ń dé lọ́sẹ̀, bóyá ọmọlanke wà. Ọkùnrin tí ẹ̀yìn ń dùn yóò kà á, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin tó ti ń ru àgbá epo láti ọjọ́ pípẹ́ yóò kà á, yóò sì mọ̀ pé apá òun ká a. Àṣìṣe kan wà níbí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sá fún ojúsàájú: wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ agbára kúrò pátápátá, wọ́n á kọ "òṣìṣẹ́ ilé ìtajà". Ẹni tó bá gbà á á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, á bá àpò ọgọ́rùn-ún nílẹ̀. Irọ́ nìyẹn, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"Kó má tíì lọ́kọ" ṣòro díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ń bẹ̀rù pé olóyún lè dá iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí pé ọkọ kò ní jẹ́ kí ó wá ní Sátidé. Bí ó bá jẹ́ pé Sátidé ló ká a lára, kó kọ Sátidé: "aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè títí dé Sátidé." Abiyamọ tó ní ẹni tí yóò bá a mú ọmọ dání lè wá. Ọmọge tó ń lọ síléèwé ní Sátidé yóò rí i pé iṣẹ́ náà kò bá òun mu. Ọdún 25 kò ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni "kó rẹwà". Ìrẹsì kò mọ arẹwà.

Ọ̀yàyà wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, oníbàárà sì fẹ́ ẹni tó máa kí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n fi sí. Àwọn tó ń já ẹrù náà ń pàdé oníbàárà, àwọn ni wọ́n tilẹ̀ ń gbé àpò sínú bùútù mọ́tò wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀yàyà lọ́wọ́ wọn. "Tọ́jú ṣọ́ọ̀bù" náà bẹ́ẹ̀: ìgbálẹ̀ ló túmọ̀ sí, ọmọge nìkan ni wọ́n sì gbé e lé lọ́rùn láìdárúkọ rẹ̀. Irú èyí ni ojú máa ń fò jù, torí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́. Bí wọ́n ṣe pín in ni kò mọ́. Ọ̀nà kan wà láti rí i: kí a pààrọ̀ géndé sí ọmọge, ọmọge sí géndé, kí a tún ìwé náà kà sókè. Ibi tí ẹ̀rín bá ti bọ́ lẹ́nu wa, ibẹ̀ ni èrò àtọwọ́dọ́wọ́ wà. "A ń wá géndé tó rẹwà tí kò tíì láya láti gbowó."

Lẹ́yìn àtúnṣe, ó di báyìí:

"A ń wá ẹni mẹ́ta, tọkùnrin tobìnrin. Ẹni méjì yóò máa já àpò ìrẹsì 50 kìlógíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀; ọmọlanke wà. Ẹnì kan yóò máa gbowó, yóò máa kọ rìsíìtì, yóò sì ṣírò owó ọjọ́ kí a tó tìlẹ̀kùn. Ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò máa kí oníbàárà, wọn yóò sì máa gbálẹ̀ ní àyípoyípo. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè títí dé Sátidé."

Pé ọ̀rọ̀ lè lé ènìyàn sẹ́yìn báyìí, wọ́n ti dán an wò. Ní ọdún 1973, Sandra Bem àti Daryl Bem gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ìpolówó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Wọ́n kọ ìpolówó iṣẹ́ àwọn tó ń tún wáyà ṣe sí oríṣi mẹ́ta, wọ́n sì fi han àwọn ọmọ iléèwé girama tó ti fẹ́ jáde. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló ni ín, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, kò ju márùn-ún lọ tó wù. Nígbà tí wọ́n yọ ojúsàájú kúrò, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin gan-an ni wọ́n ń pè, ó di márùndínláàádọ́ta. Iṣẹ́ náà kò yí padà o.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí akọ tàbí abo jẹ́ ara iṣẹ́ náà lóòótọ́, bí ẹni tí yóò máa wẹ àwọn ìyá àgbà nílé ìtọ́jú. Òfin ìdọ́gba ọdún 2010 ní Gẹ̀ẹ́sì, tó dènà ìpolówó tó ń ṣojúsàájú lórí akọ tàbí abo, ọjọ́ orí àti ìgbéyàwó, fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Nígbà náà, kí a kọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn ní gbólóhùn kan, kí ẹni tó kà á lè mọ̀ pé iṣẹ́ ló bèèrè rẹ̀.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ ìwé. Obìnrin á pè nípa iṣẹ́ ẹrù, ẹni tó gbé e á ní, "Ẹ má bínú, àǹtí, ọkùnrin la ń wá." Kò ka ìwé tuntun náà, ti àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀. Kí a tó lẹ ìwé mọ́ ògiri, ẹni tí yóò máa gbé fóònù ló yẹ kó kọ́kọ́ kà á.