Wákàtí ẹ̀rọ àbí wákàtí òṣìṣẹ́: èwo la ó fi pín ófáhẹ́ẹ̀dì?

Nínú owó tí iṣẹ́ kan ń ná ilé iṣẹ́, ohun méjì wà tí kì í fa àríyànjiyàn: owó ohun èlò àti owó ọwọ́ ẹni tó ṣe é. A lè wọn rọ́bà lórí òṣùwọ̀n, a sì lè ka wákàtí òṣìṣẹ́. Ìyókù ló nira: dísẹ́ẹ̀lì, rẹ́ǹtì, owó oṣù alámòójútó, owó gbígbó ẹ̀rọ. Kò sí ìgò kan tí a lè nàka sí pé òun ló jẹ rẹ́ǹtì oṣù yìí. Ìyẹn ni ófáhẹ́ẹ̀dì, a sì gbọ́dọ̀ pín in sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí a tó lè sọ iye tí a ó tà á.

Ọ̀nà méjì tí wọ́n sábà ń gbà pín in jọ ara wọn gan-an. Ẹ kó gbogbo ófáhẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀ka náà máa ná lóṣù jọ. Tí ẹ bá fi wákàtí tí àwọn ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ pín in, ohun tó jáde ni iye owó wákàtí ẹ̀rọ. Tí ẹ bá fi wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ọwọ́ kan iṣẹ́ pín in, iye owó wákàtí òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ìṣirò náà kò le. Èwo ló bá ẹ̀ka yín mu ni ìbéèrè, torí owó kan náà lè bọ́ sórí oníbàárà tí kò tọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kan tó ń fẹ́ ìgò àti kégì ní agbègbè Ìdù, ní Àbújá, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ rọ́bà, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú móòdù, tó sì ń ju ìgò síta. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bójú tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ṣíìfù kan, ṣíìfù méjì ló sì wà lójúmọ́. Ẹnì kan tún wà nídìí tábìlì tó ń fi abẹ gé àjẹkù rọ́bà tó yọ létí kégì, torí kégì kì í jáde ní mímọ́ bí ìgò.

Ófáhẹ́ẹ̀dì oṣù kan: dísẹ́ẹ̀lì àti iná ₦5,400,000, gbígbó ẹ̀rọ ₦3,000,000, àtúnṣe àti páàtì ₦1,500,000, rẹ́ǹtì ₦900,000, alámòójútó ₦600,000, ìbánigbófò ₦600,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,000,000. Ẹ tún un wò: ti ẹ̀rọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ tán. Yálà òṣìṣẹ́ jókòó ni o, yálà ó dìde, iye dísẹ́ẹ̀lì náà kò yí padà.

Ṣíìfù oníwákàtí 10 lọ́nà méjì, fún ọjọ́ 24, á fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 480. Ẹ má fi ìyẹn pín owó o. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á nílò ìsinmi, pípààrọ̀ móòdù á sì gba àkókò. Ká ní wákàtí 80 bá èyí lọ, 400 ló kù fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,200 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Miliọ́nù 12 tí a fi 1,200 pín jẹ́ ₦10,000 fún wákàtí ẹ̀rọ kan. Ẹni tó bá fi 1,440 pín in á rí nǹkan bí ₦8,333. Nígbà tí oṣù bá parí, iṣẹ́ wákàtí 1,200 péré ló máa rí gba owó lé lórí, miliọ́nù 10 ló máa wọlé, miliọ́nù 2 á sì di àwátì.

Ní ti òṣìṣẹ́, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ní wákàtí 400 láàárín ara wọn, ẹni tó wà nídìí tábìlì ní 200. Miliọ́nù 12 tí a fi 600 pín jẹ́ ₦20,000 fún wákàtí òṣìṣẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ owó ọwọ́ òṣìṣẹ́ yẹn gan-an jẹ́ ₦1,500 ní wákàtí kan. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí ófáhẹ́ẹ̀dì tó ju owó ọwọ́ lọ tó báyìí, ẹ fura.

Iṣẹ́ méjì wọlé. Èkíní ni ìgò ọṣẹ olómi: ó gba wákàtí ẹ̀rọ 30, wákàtí òṣìṣẹ́ 10, ohun èlò ₦450,000. Èkejì ni kégì òróró ẹ̀pà: wákàtí ẹ̀rọ 6, wákàtí òṣìṣẹ́ 12 nítorí abẹ, ohun èlò ₦100,000.

Tí a bá fi wákàtí òṣìṣẹ́ ṣírò, ófáhẹ́ẹ̀dì ìgò á jẹ́ ₦200,000, ti kégì á jẹ́ ₦240,000. Tí a bá fi wákàtí ẹ̀rọ ṣe é, ti ìgò á gòkè sí ₦300,000, ti kégì á wálẹ̀ sí ₦60,000. Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń ṣe níbi títa. Fún ọ̀nà àkọ́kọ́, tí a bá ro ohun èlò àti owó ọwọ́ mọ́ ófáhẹ́ẹ̀dì, ìgò ná wa ní ₦665,000. Ọ̀gá fi ìdá mẹ́wàá lé e, ó tà á ní ₦731,500, inú rẹ̀ sì dùn. Fún ọ̀nà kejì, ₦765,000 ló ná wa. Ó ta á ní àdánù láìmọ̀. Kégì ní tirẹ̀ di ₦358,000 lórí ìwé nígbà tí ọ̀nà kejì ní ₦178,000 ni. Ẹni tó ń wá oníbàárà kiri á máa padà wá pé, “Ọ̀gá, wọ́n tún ní kégì wa ti wọ́n jù.”

Kò ní pẹ́ tí àwọn oníkégì á fi lọ, tí àwọn onígò á sì rọ́ wá. Ká ní ẹni ìdí tábìlì ti wá ní wákàtí 60 péré nínú oṣù. Àwọn ẹ̀rọ ṣì ń lo wákàtí 1,200 wọn láìsinmi, ṣùgbọ́n wákàtí òṣìṣẹ́ tó rí iṣẹ́ jẹ́ 460. Ní ₦20,000, miliọ́nù 9.2 ni ìwé fi lé oníbàárà lórí, nínú miliọ́nù 12. Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ miliọ́nù 2.8 kò sí níbì kankan. Àmì tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n nìyẹn: ẹ̀rọ kò dúró, owó dísẹ́ẹ̀lì kò dín, ófáhẹ́ẹ̀dì tí a rí gbà sì ń dín lóṣooṣù.

Nítorí náà, wákàtí ẹ̀rọ ló bá irú ẹ̀ka yìí mu. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń bójú tó ẹ̀rọ mẹ́ta, a tiẹ̀ lè da owó ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iye owó wákàtí ẹ̀rọ, kí a má baà máa ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀.

Àmọ́ ₦60,000 tí a gbé lé kégì yẹn kéré jù. Tábìlì abẹ ń gba àyè, ó ń gba àkókò alámòójútó, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tó dára ni kí a sọ tábìlì di ẹ̀ka tirẹ̀. Ká ní ₦1,200,000 nínú ófáhẹ́ẹ̀dì jẹ́ ti tábìlì, a ó fi wákàtí òṣìṣẹ́ 200 pín in, ₦6,000 ni. Miliọ́nù 10.8 tó kù tí a fi 1,200 pín jẹ́ ₦9,000 fún wákàtí ẹ̀rọ. Nínú wákàtí òṣìṣẹ́ 12 tí kégì gbà, 10 ló jẹ́ ti tábìlì. Kégì á gba ₦54,000 láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àti ₦60,000 láti ọ̀dọ̀ tábìlì, àpapọ̀ ₦114,000, gbogbo ìnáwó rẹ̀ á sì jẹ́ ₦232,000. Ìgò tí kò kan tábìlì á gba ₦270,000, òun á jẹ́ ₦735,000, èyí tó ṣì ju ₦731,500 tí ọ̀gá tà á.