Ẹlẹ́rìí tí kò purọ́, tí kò sì sọ òótọ́

Ìròyìn ò tó àfojúbà, gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹlẹ́rìí bá dìde ní kóòtù, tó na ìka sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tó ní "Òun nìyẹn, mi ò lè gbàgbé ojú ẹ̀ láéláé," àwọn tó jókòó síbẹ̀ á ti dájọ́ tán nínú ọkàn wọn. Ìgbàgbọ́ méjì ló so mọ́ra wọn níbẹ̀. Ọ̀kan ni pé ohun tó bá dẹ́rù bani gidigidi kì í yẹ̀ lọ́kàn, bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa wà. Èkejì ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dá ènìyàn lójú tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì nídìí láti parọ́, òótọ́ ló ń sọ. Èkejì yìí ló léwu jù, nítorí pé adájọ́ náà lè gbà á gbọ́. Ẹjọ́ kan wà láti ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà tí a lè fi wo bí irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà, ní ìpele-ìpele.

Lóru ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Keje ọdún 1984, ọkùnrin kan já wọ ilé Jennifer Thompson ní ìlú Burlington, ó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọbìnrin náà, ẹni ọdún 22. Dípò kó di ojú, ṣe ló ń wo ọkùnrin náà ní àwòfín nígbàkúùgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ràn, ó ń há ojú àti ìrísí rẹ̀ sórí, kí ọwọ́ ọlọ́pàá lè tẹ̀ ẹ́ bí òun bá yè é. Ó rí ọ̀nà sá jáde. Lóru yẹn kan náà, wọ́n ṣe obìnrin mìíràn bẹ́ẹ̀ nítòsí ibẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá kó fọ́tò ọkùnrin mẹ́fà kalẹ̀ fún un. Ó wò ó títí, bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó mú ti Ronald Cotton. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun rò pé ẹni náà nìyí. Ó bi wọ́n bóyá òun ṣe dáadáa, wọ́n sì dá a lóhùn pé ó ṣe dáadáa gan-an. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n to ọkùnrin méje sí ìlà níwájú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì láàárín ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún, kó tó mú ẹni karùn-ún. Cotton ni. Wọ́n wá sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà ló tún mú.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú gbogbo àwọn tó dúró ní ìlà yẹn, Cotton nìkan ni fọ́tò rẹ̀ ti wà níwájú ọmọbìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ojú tó dà bí ojú tí ó mọ̀ lè jẹ́ ojú inú fọ́tò, kó má jẹ́ ojú ẹni tó wọlé lóru. Ọpọlọ kì í fi àmì sí ìrántí láti sọ ibi tó ti rí i. Nígbà tí ẹjọ́ fi máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1985, "mo rò pé" ti pòórá. Ó dá a lójú pátápátá, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi Cotton sẹ́wọ̀n gbére, wọ́n tún fi àádọ́ta ọdún lé e.

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú gbogbo èyí. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò ó, ṣe ni ìrántí wà níbì kan lódindi, tí a kàn ń yọ ọ́ jáde wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ọbẹ̀ àná tí wọ́n gbé padà sórí iná: ohun tí wọ́n bá bù sí i lónìí ti wọ inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹnu lásán mọ èyí tó jẹ́ tàná àti èyí tó jẹ́ tòní. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ìròyìn rédíò, fọ́tò orí fóònù, ohun tí ẹlẹ́rìí kejì sọ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló lè wọ inú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Elizabeth Loftus àti John Palmer, dán èyí wò ní ọdún 1974. Wọ́n fi fíìmù ìjàǹbá mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì bi wọ́n bí eré àwọn mọ́tò náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà nínú ìbéèrè náà. Àwọn kan gbọ́ "nígbà tí wọ́n rún ara wọn," àwọn mìíràn gbọ́ "nígbà tí wọ́n kan ara wọn." Àwọn ti àkọ́kọ́ ní eré náà tó bíi máìlì 40 ní wákàtí kan, àwọn ti èkejì ní bíi 32. Ẹnì kan lè ní wọ́n kàn ń méfò ni, ọ̀rọ̀ ìbéèrè ló darí ìméfò wọn, ìrántí wọn kò yí padà. Àwọn méjèèjì náà rò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún ṣe òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì fífọ́ nínú fíìmù náà. Gíláàsì fífọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Nínú àwọn 50 tó ti gbọ́ "rún ara wọn," 16 ló ní àwọn rí i. Nínú àwọn 50 tó gbọ́ "gbá ara wọn," 7 péré ni.

Èyí túmọ̀ sí pé 34 nínú àwọn 50 àkọ́kọ́ kò rí gíláàsì kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kì í ran gbogbo ènìyàn. Ìṣòro kóòtù ni pé kò sí àmì lójú tàbí lóhùn ẹlẹ́rìí tí a lè fi mọ ẹni tó ràn.

Ìwádìí kejì tó kan ọ̀rọ̀ Burlington gbọ̀ngbọ̀n ni ti Gary Wells àti Amy Bradfield ní ọdún 1998. Àwọn ènìyàn wo fídíò ọkùnrin kan tó pa ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì fún wọn ní fọ́tò kí wọ́n mú ẹni náà. Ẹni náà kò sí nínú àwọn fọ́tò yẹn rárá, nítorí náà gbogbo ẹni tó mú fọ́tò ló ṣìnà. Wọ́n wá sọ fún àwọn kan pé wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n ń wá gan-an. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn mú kí ó túbọ̀ dá wọn lójú ju àwọn tí wọn kò sọ nǹkan kan fún lọ. Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé wọ́n tún ní àwọn rí ojú ọkùnrin náà kedere, pé àwọn farabalẹ̀ wò ó, pé kò pẹ́ kí àwọn tó dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀, fídíò kan náà ni gbogbo wọn wò. Àwọn ìbéèrè tí adájọ́ sì máa ń bi ẹlẹ́rìí láti fi wọn ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn: ṣé o rí i dáadáa, ṣé ọkàn rẹ wà níbẹ̀? Ìyìn láti ẹnu ọlọ́pàá ti ba ìdáhùn wọ̀nyẹn jẹ́ kí wọ́n tó dé kóòtù.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, Cotton pàdé Bobby Poole, ẹlẹ́wọ̀n tó jọ ọ́, tí wọ́n sì ń sọ pé ó ti jẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn pé òun ló ṣe é. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní ọdún 1987. Wọ́n mú Poole wá sí kóòtù, Thompson wò ó, ó sì ní òun kò rí i rí. Ẹni tó ṣe é gan-an ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, ojú Cotton sì ti gba ipò tirẹ̀. Obìnrin kejì, tó ti mú ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n to wọ́n sí ìlà ní ọdún 1984, wá sọ lọ́tẹ̀ yìí pé Cotton ni. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbére méjì lé ọkùnrin náà lórí. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò dí-ẹ́n-éè yọ ọ́ kúrò, ó sì tọ́ka sí Poole, tó jẹ́wọ́. Cotton ti lo ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀ lẹ́wọ̀n.

Ohun tí North Carolina ṣe lẹ́yìn èyí wúlò láti mọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 ní kí ẹni tó ń fi fọ́tò han ẹlẹ́rìí jẹ́ ẹni tí kò mọ èwo ni afurasí, kí ó má baà fi ojú tàbí ẹnu tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹ́rìí pé ọ̀daràn náà lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí. Àwọn márùn-ún, ó kéré tán, tó bá àpèjúwe rẹ̀ mu ni kí wọ́n tò mọ́ afurasí. Bó bá sì ti mú ẹnì kan, kí wọ́n kọ bó ṣe dá a lójú tó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa ẹni tó mú. Òfin náà tún ní kí wọ́n fi wọ́n hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n lórí àwọn yòókù, iyàn náà kò pọ̀.

Kíkọ tí wọ́n ń kọ ìdánilójú sílẹ̀ ni mo kà sí èyí tó ṣe pàtàkì jù. Wọn kò ní ká má gba ẹlẹ́rìí gbọ́ mọ́. Bí wọ́n bá ṣe ètò ìdánimọ̀ náà bó ṣe yẹ, ìdánilójú ní ìgbà àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n tó dára: ẹni tó bá mú fọ́tò lójú ẹsẹ̀ láìṣiyèméjì sábà máa ń jàre ju ẹni tó ń ṣe "bóyá" lọ. Ìdánilójú kóòtù, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ni kò ní ìwọ̀n. "Mo rò pé" ti Thompson ni ẹ̀rí tó péye jù nínú ẹjọ́ yẹn, òun ni wọ́n sì jẹ́ kó sọnù.

Ọ̀nà ìbéèrè náà kò yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Ronald Fisher àti Edward Geiselman gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ọlọ́pàá fi máa ń jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a lẹ́nu dúró, kó tó béèrè nǹkan kan. "Kí lo rí?" ni, kì í ṣe "Ṣé fìlà pupa ló dé?" Ẹni tí wọ́n bi léèrè fìlà pupa lè padà rántí fìlà pupa lọ́la.

Lọ́dọ̀ tiwa, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà sọ nínú ẹjọ́ Ikemson ní ọdún 1989 pé kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló nílò pàréèdì ìdánimọ̀, ìyẹn títo afurasí mọ́ àwọn ẹlòmíràn kí ẹlẹ́rìí lè mú ẹni tó rí, ṣùgbọ́n ó pọn dandan bí ẹlẹ́rìí kò bá mọ afurasí rí, tàbí tí ó bá rí i fún ìgbà díẹ̀ péré, tàbí tí kò ráyè wo ojú rẹ̀ dáadáa. Àwọn ilé ẹjọ́ wa sì tún ń wò ó bóyá ẹlẹ́rìí tó sọ pé òun ti mọ afurasí tẹ́lẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́pàá ní àǹfààní àkọ́kọ́ tó ní. Ìlànà kejì yìí bá ohun tí ìwádìí sọ mu gan-an. Ṣùgbọ́n pàréèdì kò wúlò mọ́ bí ẹlẹ́rìí bá ti rí afurasí nínú ọgbà ọlọ́pàá, tàbí tí fọ́tò rẹ̀ ti wọ Wọ́ọ̀tsáàpù àdúgbò kó tó dé ibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Thompson láàárín fọ́tò àti ìlà ló tún ń ṣẹlẹ̀ yẹn.

Agbẹjọ́rò tó mọ èyí kò ní lo àkókò rẹ̀ láti fi pe ẹlẹ́rìí ní òpùrọ́. Á gba àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹlẹ́rìí ṣe lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣe lẹ́yìn tí wọ́n mú afurasí, á sì wo ọjọ́ tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bí àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò bá sí nínú ti àkọ́kọ́, tó wá fara hàn lẹ́yìn tí ẹlẹ́rìí ti rí ẹni tó ní àpá ní àgọ́, ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀: ta ló fi ẹni yìí hàn ọ́, nígbà wo, kí ni wọ́n sì sọ fún ọ lẹ́yìn tí o tọ́ka sí i?