Àlàfo 4,400 láàárín ìwé agbanisíṣẹ́ àti fọ́ọ̀mù owó orí

Obìnrin kan mú lẹ́tà wá bá mi láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gba owó orí. Wọ́n ní iye tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àwọn fún ọdún náà jẹ́ 64,400, ṣùgbọ́n 60,000 ni òun fúnra rẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ọkàn rẹ̀ ti pòrúurùu. Ó ní òun kò purọ́ rárá, owó oṣù 5,000 tó wà nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ òun ni òun rò pọ̀ lọ́nà méjìlá. Mo gbà á gbọ́, nítorí ohun tí mo ń rí jù lọ nìyẹn.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn. Kọ̀ǹpútà ló fi ìwé méjèèjì wéra, tí wọn kò sì bára mu. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ ti fèsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí bí ẹ bá dákẹ́, iye tí agbanisíṣẹ́ kọ ni wọ́n sábà máa ń gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Ẹ má sì sáré san ohun tí wọ́n béèrè kí ẹ tó mọ ibi tí àlàfo náà ti wá.

A kó gbogbo ìwé owó oṣù rẹ̀ jọ, a tò wọ́n ní ọjọ́ tí owó wọlé sí. Àkọsílẹ̀ bánkì nìkan kò tó, torí owó tó bá dé bánkì ti jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ tiwọn.

Ní oṣù kìíní, a rí bónọ́ọ̀sì 4,000. Iṣẹ́ ọdún tó kọjá ló wà fún, ìdí nìyẹn tó fi rò pé kò kan ọdún yìí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọjọ́ tí owó tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìgbà tó ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà la rí ilé tó ń gbé. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó ilé náà, kò sì fojú kan owó yẹn rí, àmọ́ wọ́n kà á sí 200 lóṣù, ìyẹn 2,400 lọ́dún, mọ́ owó tó ń gbà.

Ẹ̀kẹta dín iye náà kù ni. Wọ́n ń yọ 250 lóṣooṣù fún owó ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó ṣírò owó orí, 3,000 lọ́dún. Àwọn ènìyàn kì í wá irú èyí, nítorí ohun tí wọ́n gbàgbé kọ nìkan ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ń wá 4,400 kan ṣoṣo kiri, ẹ kò ní rí i láé. Ẹ fi 4,000 àti 2,400 kún 60,000, kí ẹ yọ 3,000 kúrò: ó di 63,400.

Bí àlàfo tiyín bá ṣe é pín sí méjìlá láìṣẹ́kù, ohun oṣooṣù ni kí ẹ wá. Bó bá tó owó oṣù kan gẹ́lẹ́, ẹ wo oṣù kejìlá àti oṣù kìíní.

Ó wá ku 1,000. Inú ìwé oṣù kẹjọ la ti rí i. Ó ti fi owó ara rẹ̀ rìnrìn àjò iṣẹ́, ó mú rìsíìtì wá, wọ́n sì dá owó náà padà fún un, ṣùgbọ́n akáúńtáǹtì kọ ọ́ sí ìlà owó iṣẹ́. Owó tí ẹ ná fún ọ́fíìsì tí wọ́n dá padà kì í ṣe owó iṣẹ́. A kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́, a dárúkọ oṣù náà, ìlà náà àti iye rẹ̀, a so ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn. A ní kí wọ́n tún ìwé ọdún náà ṣe, kí wọ́n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àjọ náà pẹ̀lú. Bí ẹ̀yin nìkan bá tún tiyín ṣe, 64,400 á ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, lẹ́tà á sì tún padà wá.

A kò dúró dè wọ́n. Kí ọjọ́ tó pé, a fèsì fún àjọ náà pé a gba 63,400, a kò gba 1,000 tó kù, ẹ̀rí rẹ̀ sì nìyí.

Ohun kan kù tó fẹ́ẹ̀ fò wá. Owó orí tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kan ló rò pọ̀ lọ́nà méjìlá sínú fọ́ọ̀mù, tó fi jẹ́ pé èyí tí wọ́n yọ lára bónọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀. Ká ní a gbé iye tó gbà sókè, tí a fi ìlà yẹn sílẹ̀, ì bá san owó orí bónọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. A kọ 63,400 sí ìlà owó tó gbà, a sì kọ iye tó wà nínú ìwé ọdún sí ìlà owó orí tí wọ́n ti yọ. Nígbà tí ìwé àtúnṣe dé, obìnrin náà kò jẹ gbèsè kankan, wọ́n sì dá owó orí tí wọ́n ti yọ lórí 1,000 yẹn padà fún un.