Àlàyé owó orí àyọsílẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe

Owó orí àyọsílẹ̀ ni apá kan owó iṣẹ́ tí ẹni tó gbé iṣẹ́ síta máa ń yọ nígbà tó bá ń sanwó fún agbaṣẹ́ṣe, tí yóò sì kó lọ fún ìjọba lórúkọ agbaṣẹ́ṣe náà. Kì í ṣe owó orí ọ̀tọ̀. Àsansílẹ̀ ni, lára owó orí tí agbaṣẹ́ṣe yóò jẹ nígbà tí ọdún bá parí. Iléeṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àti ẹ̀ka ìjọba ló máa ń yọ ọ́. Ẹni tó ń kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbé kò sí lára wọn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àlàyé rẹ̀ ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí akápò bá sọ fún bíríkìlà pé “a dá díẹ̀ dúró nínú owó yín”, ohun tó máa wá sọ́kàn bíríkìlà ni owó tí ẹni tó gbé iṣẹ́ síta máa ń fi sọ́wọ́ títí ilé yóò fi lo oṣù mélòó kan láìsán. Owó ìyẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ síta, ó sì máa padà wá. Owó orí àyọsílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìjọba ló wà, àbọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ owó lọ́wọ́ bí kò ṣe àdínkù lára owó orí ọdún. Nítorí náà, “a ti bá yín san án síwájú” tọ̀nà ju “a dá a dúró” lọ.

Ká fi ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Aṣerò, ní Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé iṣẹ́ kíkọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì fún agbaṣẹ́ṣe kan ní ₦3,000,000. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2024, tí ìmúlò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025, fi ti iṣẹ́ ilé kíkọ́ sí náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Ìgbà tí wọ́n bá ń sanwó ni wọ́n ń yọ ọ́: lára ₦1,200,000 àkọ́kọ́, wọ́n yọ ₦24,000, lára ₦1,800,000 tó kù, wọ́n yọ ₦36,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ẹ kíyè sí i pé lórí gbogbo owó iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe lórí èrè, nítorí ẹni tó gbé iṣẹ́ síta kò mọ iye tí sìmẹ́ǹtì àti irin jẹ.

Ìparí ọdún ni ọ̀rọ̀ èrè tó wọlé. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026, ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í san nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò san náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Bí ohun tó kù fún agbaṣẹ́ṣe yìí lọ́dún náà, lẹ́yìn gbogbo ìnáwó tí òfin gbà, bá jẹ́ ₦1,400,000, owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Ó ti ní ₦60,000 níbẹ̀, ₦30,000 péré ló kù tó máa san. Bí ó bá jẹ́ ₦1,100,000 ló kù fún un, owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦45,000, ìyẹn ni pé àsansílẹ̀ fi ₦15,000 lé. Ó lè béèrè fún un tàbí kó fi gbé owó orí mìíràn.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan máa ń fi iye àyọsílẹ̀ lé owó iṣẹ́ kí ọwọ́ wọn má bàa dín. Ìlànà náà sọ ní gbangba pé kò gbọdọ̀ wọ inú iye iṣẹ́. Ẹni tí kò ní nọ́mbà ìdánimọ̀ owó orí ni nǹkan máa ń le fún jù, nítorí ìlọ́po méjì ni wọ́n máa ń yọ fún un: ₦120,000 nínú iṣẹ́ yìí.

Àlàyé tó ṣe kedere kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n, owó yín jẹ́ ₦1,200,000. A ti san ₦24,000 fún ìjọba lórúkọ yín, lára owó orí yín ti ọdún yìí. ₦1,176,000 ló wọ báǹkì yín. Rìsíìtì rẹ̀ rèé, ẹ má sọ ọ́ nù.”

Rìsíìtì yẹn ni ẹ̀rí. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bá nọ́mbà owó orí agbaṣẹ́ṣe mu, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè é níbi iṣẹ́. Ibi tí owó lọ náà ṣe pàtàkì: ti agbaṣẹ́ṣe tó ń dá ṣiṣẹ́, tó sì ń gbé ní Abẹ́òkúta, ń lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Bí akápò bá ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì, ìpínlẹ̀ kò ní rí ₦60,000 náà nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá dé ibẹ̀ ní ìparí ọdún.