Àṣìṣe ọmọ kan lójú tíọ́rì méjì

Bí wọ́n bá ní kí o kọ àròkọ tí o ti máa fi bìhéfíọ́rísíìmù, ìyẹn tíọ́rì ìhùwàsí, wé kọnsitirọ́kitífísíìmù, ìyẹn tíọ́rì ìkọ́lé-ìmọ̀, má bẹ̀rẹ̀ láti orí ajá tí Pavlov fi ṣe ìwádìí. Ọ̀pọ̀ àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ káàkiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló ń lo ojú ìwé méjì lórí Pavlov àti Skinner, méjì lórí Piaget àti Vygotsky, kí wọ́n tó wá sọ níparí pé méjèèjì ló wúlò. Ìtàn ìgbésí ayé èèyàn mẹ́rin nìyẹn, wọn ò tíì fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Gbé ohun kan ṣoṣo kalẹ̀, kí o jẹ́ kí tíọ́rì méjèèjì wò ó. Èmi a máa yan àṣìṣe ọmọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pínyà jù.

Ká ní o ń ṣe tíì-pí, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ákùúrẹ́. O kọ 1/2 + 1/3 sójú pátákó, ọmọ kan sì dáhùn pé 2/5 ni.

Lójú Skinner, tó jẹ́ ti tíọ́rì ìhùwàsí, ẹ̀kọ́ jẹ́ ìyípadà nínú ìhùwàsí tí a lè fojú rí. 2/5 jẹ́ ìdáhùn tí kò tọ́, ohun tó kù ni bí a ó ṣe fi èyí tó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ á gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: wá nọ́ńbà tí 2 àti 3 lè pín láìṣẹ́kù, ìyẹn 6, sọ 1/2 di 3/6, sọ 1/3 di 2/6, ro àwọn tòkè pọ̀, ó di 5/6. Bí ọmọ bá ṣe ń gba ìgbésẹ̀ kan ni yóò ti gbọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ó gbà á, wọn á sì gbóríyìn fún un. Tó bá ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ láìṣì í, ó ti kọ́ ọ nìyẹn.

Ibí ni máàkì ti sábà máa ń já bọ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pe nínà ní ìmúlágbára òdì. Rárá o. Ìmúlágbára, ì báà ṣe rere tàbí òdì, ń mú kí ìwà kan pọ̀ sí i ni. Tí olùkọ́ bá ní kí ẹni tó gba gbogbo rẹ̀ má ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́, ohun tí ọmọ ò fẹ́ ló yọ kúrò, kí iṣẹ́ rere lè pọ̀: òdì nìyẹn. Ìyà ń dín ìwà kù ni.

Piaget, tó jẹ́ ti tíọ́rì ìkọ́lé-ìmọ̀, á kọ́kọ́ béèrè ibi tí 2/5 ti wá. Ọmọ náà ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń ro odidi nọ́ńbà. Ó mú nǹkan tuntun wọ inú ìmọ̀ àtijọ́ tí kò gbà á. Nítorí náà, fún un ní pépà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 6, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ 4. Pa wọ́n pọ̀, ó di 10. Ṣùgbọ́n 2/5 pépà náà kò ju 4.8 lọ. Báwo lèèyàn ṣe máa ro nǹkan mọ́ ìdajì tí yóò wá kéré sí ìdajì? Ìkọlù yìí ló máa mú kí ọmọ tún ìmọ̀ àtijọ́ náà tò. Vygotsky, tí òun náà jẹ́ ti tíọ́rì ìkọ́lé-ìmọ̀, á fi kún un pé kí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ wà nítòsí, kó ràn án lọ́wọ́ níbi tí kò lè dá dé. Ẹ̀rí ẹ̀kọ́ níbí ni pé kí ọmọ lè ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ bára mu. (Jíjókòó yí tábìlì ká nìkan kọ́ o. Bí ọ̀gá ẹgbẹ́ bá ń pe ìdáhùn tí àwọn yòókù ń dà á kọ, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé ìmọ̀ kankan.)

Wàyí o, sọ ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan pin sí. Ọmọ tó mọ ìgbésẹ̀ nìkan lè dé ibi ìsọdipúpọ̀, kó kọ 3/6 × 2/6 = 6/6, torí ó ti mọ́ ọn lára láti fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tó lóye pépà lè má yára ṣe 3/7 + 2/9 tí kò bá fi dánra wò. Ní 2006, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ mẹ́ta, Kirschner, Sweller àti Clark, jiyàn pé tí ìtọ́sọ́nà bá kéré jù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á sọnù, torí pé ohun tí ọpọlọ lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀.

Fún ìṣirò yìí, èmi á fi pépà ṣáájú, kí ìgbésẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìdánrawò tẹ̀ lé e, torí ìdánrawò tó bá ṣáájú lè bo èrò òdì ọmọ mọ́lẹ̀ láìtú u. Bí ìwọ bá yàn án lódì sí tèmi, kò burú, ṣùgbọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú irú ìbéèrè tí o máa fi dán ọmọ náà wò.